Àbùlẹ̀ tó ń yọjú lórí bánà: inú rẹ̀ ni wàhálà wà, kì í ṣe etí

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Photoshop yọ ọkùnrin kan kúrò lẹ́yìn ìyá oníbàárà mi nínú fọ́tò, mo sì tún èjìká ìyá náà tí ọwọ́ ọkùnrin yẹn bò ṣe. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí àlébù kankan. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí flẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 8, ibi tí mo tún ṣe wá ń hàn gedegbe, ó ń dán, ó sì ṣe bàìbàì. Aṣọ òfì ni ìyá wọ̀. Kí ni kí n ṣe kí wọ́n tó tún un tẹ̀?"

Àbúrò, ó dà bíi pé etí àbùlẹ̀ yẹn kọ́ ló tú ọ fó, inú rẹ̀ ni. Kò sí fọ́tò tí kámẹ́rà yà tó ń dán mọ́nrán tí a bá sún mọ́ ọn dáadáa. Wóró-wóró tín-ín-tìn-ìn-tín wà káàkiri rẹ̀, lára ògiri, lára aṣọ, títí kan awọ ojú. Ibi tí o tún ṣe ti pàdánù wóró yẹn, tàbí kó jẹ́ pé wóró tirẹ̀ tóbi ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ti fún gbogbo fọ́tò pọ̀ kó lè gba ojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí o ò fi rí i. Tó bá ti tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lórí flẹ́ẹ̀sì, tààrà ni ojú èèyàn máa lọ síbi tó ń dán. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n gé etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí àwọn àlejò ṣì ń béèrè pé ta ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ kàn. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ ínṣì 120, ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ ínṣì 96. Fún bánà tí èèyàn máa dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò, píksẹ́lì 72 nínú ínṣì kan tó. Fáìlì rẹ á wá jẹ́ píksẹ́lì 8640 ní ìbú, 6912 ní gíga. Má dá ẹni tó bá ní 300 ni dandan lóhùn. Ìyẹn wà fún ìwé tí èèyàn ń mú lọ́wọ́ kà. Ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí bánà kò lè rí ju nǹkan bíi píksẹ́lì 30 nínú ínṣì kan lọ. Torí àwọn tó bá sún mọ́ ọn la ṣe ń lo 72.

Wá wo ìyá fúnra rẹ̀. Ká ní o fẹ́ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 lórí bánà, ìyẹn ínṣì 72, píksẹ́lì 5184 ló nílò. Tí fọ́tò bá wá láti kámẹ́rà tó ń ya píksẹ́lì 6000 sí 4000, tí wọ́n yà á lóòró, tí ìyá sì gba 4500 nínú 6000 tó jẹ́ gíga rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni o máa fi fẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ yẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi fọ́tò ránṣẹ́, gíga rẹ̀ lè wálẹ̀ sí 1600, kí ìyá wá ku píksẹ́lì 1200. O máa fẹ̀ ẹ́ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ nìyẹn. Kò sí ọgbọ́n tó máa mú kí àbùlẹ̀ fara pa mọ́ nínú fọ́tò tó ti bàjẹ́ báyẹn. Bẹ ayàfọ́tò kó fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, tàbí kí o gbé fálàṣì lọ bá a. Tí kò bá sí ojúlówó mọ́, dín ìyá kù sí ẹsẹ̀ bàtà 3, fi férémù tó rẹwà yí i ká, kí orúkọ àti ọjọ́ orí gba àyè tó kù. Ó sàn ju ìyá gìrìwò tí ojú rẹ̀ rí bàìbàì.

Ohun kejì: tún fọ́tò ṣe ní ìwọ̀n tí kámẹ́rà yà á, lẹ́yìn náà ni kí o fẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àbùlẹ̀. Tí o bá tún un ṣe kí o tó fẹ̀ ẹ́, àbùlẹ̀ àti àyíká rẹ̀ á jọ gba inú ìfẹ̀ kan náà kọjá, wọ́n á sì jọ rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìlànà yìí kan ohun tí o bá yá láti inú fọ́tò mìíràn náà. Bí èjìká ìyá bá gba píksẹ́lì 900 nínú fọ́tò rẹ, tí èyí tí o rí nínú fọ́tò fóònù sì jẹ́ 300, má lò ó. O máa fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó bá èjìká mu, bàìbàì tí o sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Èyí tó bá tóbi ju tìrẹ lọ ṣeé dín kù, àmọ́ ó máa ń mú ju àyíká rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, o sì máa ní láti fi Gaussian Blur bíi 0.5 rọ̀ ọ́ lójú.

Nínú ọ̀ràn tìrẹ, ara fọ́tò náà ni kí o ti mú aṣọ. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni pé kí o gé èjìká kejì, kí o yí i padà sí òdìkejì. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wá máa ti ọ̀tún tan sí èjìká kan, kó ti òsì tan sí ìkejì. Ojú tí kò mọ ohun tó ń ṣe é á ṣì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ìyá. Wá ìsàlẹ̀ apá aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, níbi tí ilà òfì ti ń lọ sí ọ̀nà kan náà. Fi Lasso gé e pẹ̀lú àlékún díẹ̀, gbé e sókè, kí o wá fi Warp tẹ̀ ẹ́ títí ilà tó wà nínú rẹ̀ á fi bá ilà tó ti ọrùn sọ̀kalẹ̀ wá pàdé. Òfì kò gba irọ́. Bí ilà kan bá fi ìbú okùn kan ṣoṣo yà kúrò lójú ọ̀nà, ó máa hàn lórí flẹ́ẹ̀sì bí ibi tí télọ̀ ti rán aṣọ ní wọ́rọ́kọ́. Dá ìṣẹ́po tó ti ọ̀dọ̀ ọrùn wá sí náà, kó má kàn dúró gbọnrangandan lẹ́bàá àbùlẹ̀.

Ògiri ẹ̀yìn ni Clone Stamp wà fún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣí léyà tuntun, yan Current & Below, kí o sì fi Opacity sí 100%. Bí o bá ń lò ó ní 40 tàbí 50, tí o ń tẹ̀ ẹ́ léra wọn, ńṣe lò ń po wóró méjì mẹ́ta pọ̀, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ibi tí dídán yẹn ti ń wá nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù, tí Hardness rẹ̀ jẹ́ 0, máa ń ṣe bákan náà ní gbogbo etí rẹ̀. 50 sí 80 ni mo máa ń lò. Content-Aware Fill náà kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ó fẹ́ràn láti tẹ àbàwọ́n ògiri kan náà sí ibi méjì.

Tí o bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, dá wóró padà. Tẹ Alt mọ́ New Layer, yan Overlay, fi àmì sí àpótí 50% gray, kí o so ó mọ́ léyà àbùlẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, lo Add Noise ní 3 sí 5%, Gaussian, Monochromatic. Wóró tí Photoshop ń ṣe máa ń mú ju ti kámẹ́rà lọ, nítorí náà fi Gaussian Blur 0.3 sí 0.5 tẹ̀lé e. Sún un mọ́ ojú ní 200%, kí o fi àyíká àti àbùlẹ̀ wé ara wọn. Nọ́ńbà tí mo kọ yìí kàn jẹ́ ibi tí o máa ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà lálẹ́ nínú gbọ̀ngàn máa ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má gbẹ́kẹ̀ lé ojú rẹ lásán láti mọ̀ bóyá ó ti pé. Lọ sí Channels, tẹ Blue nìkan. Inú rẹ̀ ni wóró ti máa ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àbùlẹ̀ ti máa ń jẹ́wọ́ kíákíá. Tún gbé léyà Curves sórí gbogbo rẹ̀, kí o fa ìlà rẹ̀ ga fíofío, kí àwọ̀ dà rú. Ohunkóhun tó bá ní etí nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ṣì máa hàn lórí bánà. Pa Curves náà rẹ́ tí o bá ṣe tán o. Mo mọ ẹnì kan tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí o wá tẹ Flatten, fẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Image Size, kí o fi Unsharp Mask díẹ̀ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Má fi sí àbùlẹ̀ nìkan láé. Wóró fẹ́ẹ́rẹ́ ní 2% lórí gbogbo fáìlì ní ìwọ̀n ìkẹyìn tún ń so wọ́n pọ̀ dáadáa.

Àbùlẹ̀ kan tún wà tí kò kan Photoshop rárá, ó sì ti bà mí nínú jẹ́ gan-an nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Wọ́n gbé fọ́tò ìyá sínú CorelDRAW, fọ́tò náà sì wà ní RGB. Wọ́n wá fi àwọ̀ CMYK ya ẹ̀yìn rẹ̀, tó jọ ti fọ́tò lójú kọ̀ǹpútà bí ìbejì. Ẹ̀rọ túmọ̀ àwọ̀ méjèèjì lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí onígun mẹ́rin sì yọ yí ìyá ká, tòun ti òjìji tí wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀. Dúdú ló burú jù: K100 nìkan máa ń tẹ̀ bí eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú tí íńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sí. Nítorí náà, kí fọ́tò, ẹ̀yìn àti òjìji di àwòrán kan ṣoṣo, ní irú àwọ̀ kan ṣoṣo, kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Fi í pa mọ́ bíi TIFF pẹ̀lú LZW, tàbí JPEG ní Quality 12. Lẹ́tà nìkan ni kí wọ́n gbé lé e lórí.

Kí wọ́n tó tẹ odindi, gé ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 1 láti ibi èjìká yẹn, ìyẹn píksẹ́lì 864 sí 864, kí o ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àjẹkù flẹ́ẹ̀sì ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Owó ẹsẹ̀ bàtà kan ni wọ́n máa gbà, nígbà tí bánà rẹ jẹ́ 80. Gbé e kọ́ ara ògiri, sún sẹ́yìn títí dé ibi tí àlejò máa dúró, kí o pe ẹnì kan tí kò mọ̀ pé o yọ ẹnikẹ́ni. Má bi í pé "ṣé ó hàn?" Kàn ní kó sọ ohun tó rí.