Idà àtijọ́ tó ti dúdú: ṣé kí n bó o?

Ìbéèrè: Mo bá idà bàbá-bàbá mi ní agboolé wa ní Ìlọrin, nínú àkọ̀ awọ. Ṣé kí n bó o kó dán kí n tó tà á?

Ẹ má bó o rárá. Dúdú ara irin yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Tí ẹ bá ha á, kò ṣeé dá padà. Pépà oníyanrìn á tún pa àmì ara irin rẹ́, èyí tó lè fi hàn bóyá Solingen ní Jámánì ni irin ti wá. (Àmì nìkan kò tó o, àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń ṣe àfarawé rẹ̀.)

Ẹ yí idà náà nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Irin tí wọ́n fọwọ́ rọ sábà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ dé ṣóńṣó, ojú kòtò gbọọrọ àárín rẹ̀ kì í sì í tọ́ tán. Èyí tí wọ́n gé lára irin pẹlẹbẹ máa ń nípọn bákan náà.

Eékù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn máa ń jẹ níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti dì í mú. Ẹnu àkọ̀ náà á jẹ níbi tí idà ń gbà wọlé. Bí gbogbo eékù bá jẹ dọ́gba, ẹ fura. Bí idà bá ń mì nínú àkọ̀, ó lè jẹ́ pé àkọ̀ idà mìíràn ni.

Láti nu idà náà, aṣọ gbígbẹ àti òróró ẹ̀rọ díẹ̀ ti tó. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àkọ̀: awọ máa ń fa omi mọ́ra, irin á sì dógùn-ún.