Núkílíọ́sì púpọ̀ nínú fọ́nrán iṣan: ṣé pípín ni àbí dídàpọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ ọ́ sínú ìdánwò pé fọ́nrán iṣan ní núkílíọ́sì púpọ̀ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín láìpín tán, olùkọ́ sì fagi lé e. Ẹni tó ń kọ́ wa ní eré ìmárale sọ ohun kan náà, ó sì ń ta ìyẹ̀fun tó ní yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì iṣan wa máa pín sí i. Ta ló tọ̀nà? Ṣé iṣan àti fáírọ́ọ̀sì kò ti sọ àbá sẹ́ẹ̀lì di irọ́?

Ìdáhùn: Olùkọ́ ló tọ̀nà. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ tú u.

Ohun mẹ́ta ni àbá sẹ́ẹ̀lì sọ. Schleiden, onímọ̀ ewéko, àti Schwann, onímọ̀ ẹranko, gbé méjì kalẹ̀ ní 1838 àti 1839: pé sẹ́ẹ̀lì, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan tàbí àìmọye, ló para pọ̀ di gbogbo ohun abẹ̀mí, àti pé sẹ́ẹ̀lì ni ohun tó kéré jù lọ tí a lè pè ní abẹ̀mí. Ẹ̀kẹta, tí Virchow sọ di olókìkí ní 1855 lẹ́yìn tí Remak ti rí ẹ̀rí rẹ̀, ni pé inú sẹ́ẹ̀lì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń jáde. Kò sí ibì kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ní núkílíọ́sì, àpò tó di àkọsílẹ̀ ìran mú nínú sẹ́ẹ̀lì, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Àwòrán inú ìwé ló fi ìyẹn kọ́ wa.

Fọ́nrán iṣan tó so mọ́ egungun lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún núkílíọ́sì sì tò sí abẹ́ awọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ pàápàá jiyàn lórí bí wọ́n ṣe débẹ̀: àwọn kan ní núkílíọ́sì ló ń pín tí ara sẹ́ẹ̀lì kò sì pín, àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló wó ògiri àárín wọn tí wọ́n di ọ̀kan. Ní 1967, Beatrice Mintz àti Wilfred Baker fi eku parí ìjà náà. Wọ́n mú ọlẹ̀ eku ìran méjì, wọ́n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n dàgbà di eku kan ṣoṣo, tí apá kan sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ ti ìran àkọ́kọ́, tí ìyókù sì jẹ́ ti èkejì. Ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá, wà nínú ara wọn tó ní ìdajì méjì tó so pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe ti ìran àkọ́kọ́ ní A àti ti èkejì ní B. Bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, AA àti BB nìkan ni a ó rí. AB kò lè wáyé àfi bí núkílíọ́sì ìran méjèèjì bá ń gbé inú ilé kan náà. Nínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn àwọn eku náà, kò sí AB. Nínú iṣan egungun, AB wà níbẹ̀ kedere. Dídàpọ̀ ni, kì í ṣe pípín.

Nítorí náà, iṣan kò ba ohun kẹta jẹ́ rárá, torí pípín ni sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó dà pọ̀ ti wá. Ohun kejì ló mú nira díẹ̀: ṣé ẹyọ kan ni ká ka fọ́nrán náà sí, àbí ọgọ́rùn-ún? Ẹjọ́ fáírọ́ọ̀sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Kì í pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ ló ń rọ àwọn ẹ̀yà ara fáírọ́ọ̀sì náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó tò ó pọ̀. Bóyá ó yẹ ká pè é ní abẹ̀mí, ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lé lórí.

Ní ti ìyẹ̀fun, núkílíọ́sì tó ti wà nínú fọ́nrán àgbàlagbà kì í pín mọ́. Bí iṣan bá ń tóbi, sísanra ni fọ́nrán náà ń sanra ní pàtàkì. Bí ó bá nílò núkílíọ́sì sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí Alexander Mauro ṣàpèjúwe ní 1961, ni wọ́n ń pín tí wọ́n sì ń dà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ní fọ́nrán fúnra rẹ̀ yóò pín kò mọ ohun tó ń tà. N kò yẹ ìyẹ̀fun náà wò, èmi kì í sì í ṣe dókítà, nítorí náà n kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ń dùn yín gan-an lẹ́yìn eré ìmárale tí ìtọ̀ yín sì dúdú bíi ọtí kóòkì, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.