Fídíò ọjọ́ ìbí òbí tí kò ju 40 ìṣẹ́jú-àáyá lọ

"Màmá wa yóò pé 70 ọdún lọ́sẹ̀ méjì sí i. A fẹ́ fi fídíò kékeré kan kí wọn, kò sì gbọdọ̀ tó 40 ìṣẹ́jú-àáyá. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí a máa sọ kún ojú ewé kan, kò tíì tán nínú mi. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?"

Ojú ewé kan ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe kọ ti bàbá mi náà nìyẹn nígbà tí wọ́n pé 70: ibi tí wọ́n ti kàwé, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, orúkọ gbogbo wa, àdúrà lóríṣiríṣi. Nígbà tí mo kà á sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Bàbá ta nìyí?" Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ọmọ ẹlòmíì ò lè fi kí bàbá tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò nìyẹn: gbólóhùn tó bá lè bá òbí ẹlòmíì mu, mo máa ń yọ ọ́.

Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo sì fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo padà kà nìyí:

"Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Aṣọ ilé-ìwé mi ya lálẹ́ ọjọ́ kan, Màmá ò sí nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ò di abẹ́rẹ́ mú rí, ẹ jókòó ti àtùpà, ẹ rán an. Òwú dúdú lẹ rí, òun lẹ fi rán aṣọ funfun. Mo fi báàgì bò ó dé ilé-ìwé. Lónìí, mo ti bímọ. Mo ti mọ ohun tí ẹ fi òwú yẹn sọ fún mi. Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún."

Ọ̀rọ̀ 73 ni. Bí mo ṣe kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú-àáyá 33. Mo fi méjì sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ fún àwòrán wọn láìsí ohùn, mo fi mẹ́rin sílẹ̀ níparí kí ojú wọn ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ohùn mi ti dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 39. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ dí ibi ìdákẹ́jẹ́ ìparí yẹn o. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gbé ọwọ́ bojú.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò sọ níbì kankan pé bàbá rere ni wọ́n. Òwú dúdú yẹn ti sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ wá ohun kan tí ọwọ́ Màmá ti kàn, tí ojú lè rí, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin ọmọ ilé nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ bi àwọn àbúrò yín léèrè ohun tí Màmá ṣe tí ojú fi ń ti ẹ̀yin ọmọ nígbà náà. Níbẹ̀ ni mo ti rí tèmi.

Àwọn ará ilé máa fẹ́ kí ẹ fi àdúrà kún un. Ẹ gbà á fún wọn, àmọ́ kí wọ́n ṣe é lójúkojú lẹ́yìn fídíò. Àdúrà mẹ́ta péré lè jẹ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ìtàn yín á sì di gígé.

Àwòrán márùn-ún ti tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lo 14, ojú bàbá mi ò lè bá a lọ; wọ́n ṣì ń wá ara wọn nínú ọ̀kan tí òmíì fi dé.

Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, kí ó má baà máa dún bí ẹni pé inú kòtò lẹ wà. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà, torí ẹkún máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn: ìgbà tí mo sunkún, 33 yẹn di 41. Orin abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ohùn olórin, kí ó sì rẹlẹ̀ gan-an. Etí àgbàlagbà kì í tètè ya ohùn ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orin. Ẹ gbé e fún àgbàlagbà míì kó gbọ́ ọ lórí fóònù tí Màmá máa fi wò ó, kí ẹ ní kó tún ìtàn náà sọ fún yín. Bí ó bá bèèrè pé kí ni ẹ wí níbì kan, ẹ tún dín orin yẹn kù.