Èrò 800 lẹ́sẹ̀ òkè: ibi tí ìnáwó ànímésọ̀n wà gan-an

“Ẹ jọ̀wọ́, èrò 800 ni mo kó sínú ìran ọdún iṣu nínú géèmù tí mo ń fi Unity ṣe, gbogbo wọn ló sì ń jó. Mo ti fi àmì sí Enable GPU Instancing lórí Material wọn, síbẹ̀ fóònù ń wọ́ tuurutu. Eegun 60 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ṣé kí n gé eegun wọn kù ni?”

Àmì tí ẹ fi síbẹ̀ yẹn kò kan àwọn èèyàn náà rárá, nítorí pé SkinnedMeshRenderer, ohun tó ń ya ara tí eegun ń fà, ló gbé wọn, Unity kì í sì í fi GPU Instancing ya ohun tí SkinnedMeshRenderer bá gbé. Ohun tí à ń pè ní instancing ni pé kí a fún GPU ní àwọ̀n ara kan ṣoṣo, kí a sì ní kó yà á sí ọgọ́rùn-ún ibi lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí eegun bá ti fa awọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ìdúró tirẹ̀, àwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́, GPU kò sì rí ohun tí yóò pa pọ̀.

Èmi náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ìran ọdún iṣu ni tèmi náà, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ògìdì, tí èrò kún ẹsẹ̀ òkè títí dé etí ọ̀nà. Nílé mi ní Kábà, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gé eegun, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé eegun ló ń jẹ agbára. Mo gé wọn láti 60 sí 24. Iye eegun tí CPU ń ṣírò nínú férémù kan bọ́ láti 48,000 sí 19,200, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n fóònù kò kọjá férémù 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni ó tó yé mi pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìnáwó wà, ìwòsàn ọ̀kan kì í sì í ṣe ti èkejì.

Iye eegun jẹ́ gbèsè CPU. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Animator, apá Unity tó ń mú ara mira, gbọ́dọ̀ ka ibi tí eegun kọ̀ọ̀kan wà ní àsìkò yẹn, kó pa àwọn ìṣípòpadà pọ̀, kó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe fún èèyàn 800 nínú férémù kọ̀ọ̀kan. Gbèsè GPU yàtọ̀ sí èyí. Lórí GPU, iye eegun tó wà nínú ara kò fi bẹ́ẹ̀ ní láárí. Iye eegun tó ń fa fátẹ́sì kan ṣoṣo, ìyẹn kókó kan lára àwọ̀n náà, ni ó ṣe pàtàkì. Bí eegun mẹ́rin bá ń fa ìkángun ìgbọ̀nwọ́ kan, mátíríìsì mẹ́rin ni ṣédà, ìyẹn kóòdù tí GPU fi ń yàwòrán, yóò kà fún un, ì báà jẹ́ 24 ni gbogbo eegun ara náà tàbí 60.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ so fóònù gan-an mọ́ Profiler, irinṣẹ́ Unity tó ń fi ibi tí àsìkò ń lọ hàn, ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà dán an wò. Bí Animators.Update bá ga jù gbogbo ìlà yòókù lọ, CPU ni ẹ jẹ ní gbèsè. Bí ó bá jẹ́ Gfx.WaitForPresentOnGfxThread ló gùn, CPU ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, GPU ni ó sì sábà máa ń dúró dè. Tèmi jẹ́ Animators.Update, mo sì lérò pé tiyín náà yóò rí bẹ́ẹ̀, nítorí Animator 800 kọjá agbára fóònù kékeré, kódà bí eegun wọn bá ti dín kù.

Ohun tó gbà mí ni pé mo gba Animator kúrò lára èrò ọ̀ọ́kán pátápátá. Ijó wọn kì í yí padà: ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nítorí náà a lè ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú Editor, kí a kọ èsì rẹ̀ sínú àwòrán tí à ń pè ní tẹ́ṣọ̀, kí GPU máa kà á fúnra rẹ̀. Ẹ gbé èèyàn kan sínú ìran, ẹ fi `clip.SampleAnimation` gbé e sí àsìkò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba mátíríìsì eegun kọ̀ọ̀kan báyìí:

```csharp
Matrix4x4 m = root.worldToLocalMatrix
            * bones[b].localToWorldMatrix
            * mesh.bindposes[b];
```

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú mátíríìsì náà tó, nítorí ìlà kẹrin kì í yí padà. Ìlà kan gba píksẹ́lì kan, nítorí náà eegun kan gba píksẹ́lì mẹ́ta. Eegun 24 yóò gba píksẹ́lì 72 ní ìbú. Ijó mẹ́rin ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo sì ká a sílẹ̀ ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ 30 fún ijó kan, 120 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Píksẹ́lì 72 ní ìbú àti 120 ní gíga, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ báìtì mẹ́jọ nínú RGBAHalf, kò ju báìtì 69,120 lọ. Gbogbo ijó agbo náà kò tó fọ́tò kékeré kan.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta níbẹ̀. Bí ẹ bá fi tex2Dlod ka tẹ́ṣọ̀ náà dípò `Load` tí mo lò nísàlẹ̀, Filter Mode rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Point, kó má sì ní mipmap, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eegun apá yóò dà pọ̀ mọ́ ti èjìká tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara yóò sì fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀. Èèyàn tí ẹ fi ń ká a sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní àmì Optimize Game Objects, nítorí àmì yẹn ń kó eegun kúrò nínú Hierarchy. Ẹ má sì jẹ́ kí ijó náà gbé èèyàn rìn kúrò lójú kan nígbà tí ẹ bá ń ká a sílẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe yìí fún àwọn tó ń tò lọ sí ojúde: RGBAHalf kò ní nọ́ńbà tó kún tó, bí èèyàn bá ti rìn dé mítà 64, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àti díẹ̀ ni ó wà láàárín ibi kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, ara wọn sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn lójú kan, kí kóòdù sì gbé èèyàn náà síwájú.

Nínú ṣédà, ẹ óò ka mátíríìsì náà báyìí:

```hlsl
float3x4 BoneMatrix(int b, int row)
{
    int x = b * 3;
    return float3x4(
        _AnimTex.Load(int3(x,     row, 0)),
        _AnimTex.Load(int3(x + 1, row, 0)),
        _AnimTex.Load(int3(x + 2, row, 0)));
}
```

Nọ́ńbà eegun àti ìwúwo rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń fà á tó, fún fátẹ́sì kọ̀ọ̀kan ni mo fi `mesh.SetUVs` kọ sínú UV tí ohun mìíràn kò lò. Lẹ́yìn náà, `Graphics.DrawMeshInstanced` yóò ya gbogbo wọn. Ìpè kan gba ẹ̀dà 1,023, èrò 800 sì wọ inú ìpè kan ṣoṣo. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú ijó láti inú MaterialPropertyBlock, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo agbo yóò gbé ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun.

Ní ibi yìí ni gbèsè GPU ti wọlé. Eegun mẹ́rin fún fátẹ́sì kan túmọ̀ sí píksẹ́lì 12 tí ṣédà gbọ́dọ̀ kà, bí ẹ bá sì ń lọ̀ wọ́n pọ̀ láàárín àkókò méjì kí ijó má baà já, ó di 24. Mo fi eegun méjì sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní àárín, ẹyọ kan péré fún àwọn tó wà lókè réré, mo sì pín ìwúwo tó kù kí àpapọ̀ rẹ̀ lè padà jẹ́ 1. Àwọn tó wà lókè réré kò lọ̀ ohunkóhun pọ̀: píksẹ́lì mẹ́ta ni fátẹ́sì wọn ń kà dípò 24. Láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i pé ìgbà 15 ni wọ́n ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Òjìji nìkan ló dójú tì mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fi han ẹ̀gbọ́n mi. Agbo ń jó, ṣùgbọ́n òjìji tó wà nílẹ̀ na apá sọ́tùn-ún sósì, kò mira. Ìyàwòrán òjìji ní ṣédà tirẹ̀, èmi kò sì kọ kíkà eegun sínú ìyẹn. Nígbà tí mo kọ ọ́ sí i tán, iṣẹ́ fátẹ́sì di ìlọ́po méjì, nítorí náà àwọn tó wà níwájú nìkan ni mo fún ní òjìji.

Àwọn tó sún mọ́ kámẹ́rà, nǹkan bí 30, ni mo fi Animator sílẹ̀ fún, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ yíjú wo ẹni tó ń fi géèmù ṣeré, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ orí àpáta tó dagun dáadáa, èyí tí tẹ́ṣọ̀ kò lè ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni gígé eegun wúlò fún: ìka ọwọ́ méjèèjì nìkan jẹ́ eegun 30, ẹ lè gbé ìwúwo wọn fún àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn nínú 30 náà kò nílò àtúnṣe nínú gbogbo férémù. Mo pa Animator wọn, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi pè é:

```csharp
gbese += Time.deltaTime;
if ((Time.frameCount + nomba) % 4 == 0)
{
    animator.Update(gbese);
    gbese = 0f;
}
```

`nomba` gbọ́dọ̀ yàtọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èmi kò ì tíì fi í síbẹ̀, gbogbo wọn ń jí nínú férémù kan náà, Profiler sì rí bí eyín ayùn: férémù mẹ́ta ṣe pẹ̀lẹ́, ìkẹrin fò sókè. `gbese` náà ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ẹ bá fún un ní `Time.deltaTime` nìkan, àsìkò férémù mẹ́ta ti sọnù, èèyàn yóò máa jó ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa yọ̀ nílẹ̀.

Ohun tó pẹ́ jù kí n tó yanjú rẹ̀ ni ìgbà tí èèyàn bá kúrò nínú tẹ́ṣọ̀ bọ́ sínú Animator bí kámẹ́rà ti ń sún mọ́ ọn. Ó máa ń ta gìrì, nítorí pé Animator ń bẹ̀rẹ̀ ijó láti orí nígbà tí tẹ́ṣọ̀ ti dé àárín. Mo wá ń ṣírò ibi tí tẹ́ṣọ̀ dé gẹ́gẹ́ bí ìdá láàárín 0 àti 1, mo fún `animator.Play` gẹ́gẹ́ bí `normalizedTime`, mo sì pe `animator.Update(0f)` lójú ẹsẹ̀ kí ara tó dúró bó ṣe yẹ kí a tó yà á. Mítà 12 ni wọ́n fi ń wọlé sí Animator, mítà 15 ni wọ́n fi ń jáde. Nígbà tí mo fi mítà 12 sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, obìnrin kan tó dúró sí ìtòsí ààlà yẹn ń wọlé ó ń jáde ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá mì díẹ̀.