Ṣíà mẹ́fà, tẹ́tẹ́ méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣíà mẹ́fà ni mo ní: GTCO, ZENITHBANK, UBA, ACCESSCORP, DANGCEM àti MTNN. Iye owó kan náà ni mo fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Búrókà mi ní mo kàn ń tan ara mi jẹ ni, pé wọn kò tó mẹ́fà. Mo ti ṣe àtẹ ìbátan wọn sórí Excel, ìyẹn bí wọ́n ṣe jọ ń lọ sókè sódò tó. Àwọn báńkì ń fún mi ní nǹkan bíi 0.7 láàárín ara wọn, ìyókù ń fún mi ní 0.2. Báwo ni mo ṣe máa fi àtẹ yìí mọ iye tẹ́tẹ́ tí mo ní gan-an, ìyẹn iye ṣíà tí kò bára tan tí ṣíà mẹ́fà mi tó?

Ìdáhùn: Méjì ni. Òótọ́ ni búrókà yín sọ. Àtẹ yín rèé, bí mo ṣe tò ó látinú ohun tí ẹ kọ:

```
GTCO        1.0  0.7  0.7  0.7  0.2  0.2
ZENITHBANK  0.7  1.0  0.7  0.7  0.2  0.2
UBA         0.7  0.7  1.0  0.7  0.2  0.2
ACCESSCORP  0.7  0.7  0.7  1.0  0.2  0.2
DANGCEM     0.2  0.2  0.2  0.2  1.0  0.2
MTNN        0.2  0.2  0.2  0.2  0.2  1.0
```

Ẹ ro gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀. Ìlà báńkì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.5, mẹ́rin wọn jẹ́ 14. Ìlà DANGCEM jẹ́ 2, ti MTNN náà jẹ́ 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Ẹ wá mú iye ṣíà yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ìyẹn 6 lọ́nà 6, tó jẹ́ 36. Ẹ fi 18 pín in, ó jẹ́ 2. Bí àtẹ yín bá wà láti B2 dé G7, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
=COUNT(B2:B7)^2/SUM(B2:G7)
```

Ìdí tí ìṣirò yìí fi dúró kò le. Ká ní àwọn ṣíà yín kò bára tan rárá, òdo ni ì bá wà níbi gbogbo àfi ibi tí ṣíà kọ̀ọ̀kan ti pàdé ara rẹ̀. Àpapọ̀ àtẹ á jẹ́ 6, 36 tí a fi 6 pín á sì fún yín ní 6 pé pérépéré. Ká ní ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe lójoojúmọ́, 1 ni ì bá kún inú àtẹ náà, àpapọ̀ á jẹ́ 36, ìdáhùn á sì jẹ́ 1. Láàárín òpin méjèèjì yìí ni gbogbo olówó wà. Ohun tí à ń wọ̀n ni bí owó yín lápapọ̀ ṣe ń mì sókè sódò, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní fáríáǹsì. Bí ẹ bá pín owó sí ṣíà méjì tí kò bára tan, tí mímì wọn sì dọ́gba, fáríáǹsì owó yín á di ìdajì ti ṣíà kan. Ìdajì náà gan-an ni àwọn ṣíà mẹ́fà yín fún yín, nítorí 18 nínú 36 ni. Nítorí náà, ààbò tí ẹ rí lára mẹ́fà kò ju èyí tí ẹlòmíràn á rí lára méjì tí kò mọ ara wọn rí.

Ẹ má wá béèrè lọ́wọ́ mi pé méjì wo nínú wọn o. Kì í ṣe pé báńkì jẹ́ ọ̀kan, ìyókù sì jẹ́ ọ̀kan. Ìwọ̀n ni 2 jẹ́, bí ìgbà tí a bá ní àpò ìrẹsì kan tó kóńgò báyìí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹ jẹ́ ká tà mẹ́ta nínú àwọn báńkì náà, ká fi ọ̀kan sílẹ̀, GTCO fún àpẹẹrẹ, ká wá pín owó dọ́gba sí i pẹ̀lú DANGCEM àti MTNN. Àtẹ á di ìlà mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 4.2. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, tí a bá fi 4.2 pín in, ó jẹ́ 2.14. Ṣíà mẹ́ta fún yín ní tẹ́tẹ́ tó ju ti mẹ́fà lọ! Kì í ṣe idán. Nígbà tí ẹ pín owó dọ́gba sí mẹ́fà, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó yín ló wọ báńkì, láìjẹ́ pé ẹ pinnu bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pa báńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, ẹ fún gbogbo wọn ní ìdá kan nínú mẹ́ta lápapọ̀, kí DANGCEM gba ìdá kan, kí MTNN gba ìdá kan. Ìyẹn jẹ́ 2.26. Ẹ rí i pé báńkì mẹ́ta tí ẹ fi kún ọ̀kan kò fi nǹkan púpọ̀ kún un: 0.12 péré. Ibi tí ẹ pín owó sí ló ṣe iṣẹ́.

Ògiri kan tún wà tí ẹ kò lè fò. Ìbátan àárín àwọn ṣíà yín, bí a bá pín in dọ́gba lórí gbogbo méjì-méjì wọn, jẹ́ 0.4. Bí ẹ bá ń ra ṣíà mìíràn tó ní irú ìbátan kan náà, kódà kí ẹ ra ọgọ́rùn-ún, iye tẹ́tẹ́ yín kò ní kọjá 1 tí a fi 0.4 pín, ìyẹn 2.5. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá ohun tí ìbátan rẹ̀ kéré, kì í ṣe kí ó máa ra orúkọ tuntun.

Ìṣirò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gbà pé owó dọ́gba, ó sì gbà pé mímì dọ́gba. Owó yín dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ mímì kì í sábà dọ́gba. Nítorí náà, ẹ ṣí òpó J lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ yín, kí ẹ fi iye owó tó wà nínú ṣíà kọ̀ọ̀kan lónìí lọ́nà STDEV ìyípadà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá tẹ èyí:

```
=SUM(J2:J7)^2/SUMPRODUCT(MMULT(B2:G7,J2:J7),J2:J7)
```

Èyí ni mo máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ṣíà tó ń mì gan-an lè gba gbogbo agbọ̀n mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́ láìjẹ́ pé owó inú rẹ̀ pọ̀.

Ó ku bí ẹ ṣe rí 0.7 àti 0.2 yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ṣé iye owó ṣíà ni ẹ kó sínú CORREL ni, àbí ìyípadà rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ iye owó, ẹ nu ún kúrò. Ohun méjì tí owó wọn jọ ń gòkè lọ́dún kan náà á fún yín ní ìbátan ńlá, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn. Ìyípadà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lò, =LN(B3/B2) lójú ìwé tí iye owó ṣíà wà, kí ẹ sì dá dífídẹ́ńdì padà sínú iye náà, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, iye ṣíà á já lulẹ̀ láìjẹ́ pé ohun búburú kankan ṣẹlẹ̀.

Mo ní ọ̀sẹ̀, n kò ní ọjọ́, ó sì nídìí. Lọ́jà ṣíà wa ní Èkó, ìṣòwò tó kéré jù kì í yí iye ṣíà padà. Ó gbọ́dọ̀ tó òṣùwọ̀n kan. Ààlà ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì wà fún bí ṣíà ṣe lè lọ sókè tàbí sódò lóòjọ́. Ìròyìn kan náà lè mi báńkì lónìí, kó di ọ̀tunla kó tó mi ṣíà mìíràn. Bí ẹ bá fi ojoojúmọ́ ṣírò, ó máa dà bí ẹni pé wọn kò bára tan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé àtẹ ojoojúmọ́ lọ bá oníbàárà wa kan, mo ní ṣíà kan nínú agbọ̀n rẹ̀ dá dúró pátápátá. Ọ̀gá mi kàn ní kí n ka iye òdo tó wà nínú òpó rẹ̀. Ó ju ìdajì lọ. Ṣíà náà kò dá dúró, ó ń sùn ni. Láti ọjọ́ náà, kí n tó ka tẹ́tẹ́ kankan, mo máa ń ka òdo.

Ọ̀sẹ̀ ọdún méjì, ìyẹn 104, kò pọ̀ jù. Pẹ̀lú iye yẹn, 0.2 tí ẹ rí lè jẹ́ ohunkóhun láàárín òdo àti 0.4 ní tòótọ́. Bí gbogbo 0.2 inú àtẹ yín bá jẹ́ òdo, tẹ́tẹ́ yín á jẹ́ 2.5. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 0.4, á jẹ́ 1.67. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá rí ẹni tó ń pariwo pé tẹ́tẹ́ òun kúrò ní 2.0, ó ti di 2.2.

Àtẹ kì í sì í sọ ìdí. Ní March 28, 2024, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì tó ní ìwé àṣẹ láti ṣòwò kọjá Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tó ₦500 bílíọ̀nù, láìka èrè tí wọ́n ti tọ́jú mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kan àwọn báńkì yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà, gbogbo wọn ló sì jáde wá ta ṣíà tuntun. Ìyẹn kò ṣòro láti rí. Èyí tó fara pamọ́ ni ti náírà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní June 14, 2023, àwọn báńkì tó ní dọ́là lọ́wọ́ kọ èrè, MTNN tó jẹ gbèsè dọ́là sì parí ọdún 2023 pẹ̀lú àdánù. Ìbátan wọn lè kéré nínú àtẹ, síbẹ̀ gbòǹgbò kan náà ló ń fa márùn-ún nínú ṣíà yín, bí ó tilẹ̀ ń fa ọ̀kan sí òdì kejì.

Nítorí náà, ṣe ẹ̀dà àtẹ yín kan sí i. Ẹ pa gbogbo 0.2 inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi 0.7 rọ́pò, bí ìgbà tí ìpayà bá mú gbogbo ọjà tí olúkúlùkù ń sá. Àpapọ̀ á di 27, tẹ́tẹ́ á sì di 1.33. Nígbà tí ẹ bá ń pinnu iye owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó ilé tí ẹ máa fi sínú ṣíà mẹ́fà yìí, 1.33 ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Ẹ fi 2 sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ara bá tu ọjà.