Kí ni «Dóríánì» túmọ̀ sí, báwo sì ni a ṣe ń dá a mọ̀ nínú orin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olórin. Ọ̀gá akọrin wa ní Yábàá sọ pé orin tí a ń kọ́ fún ìkórè kì í ṣe méjọ̀, kì í sì í ṣe máínọ̀. Ó ní móòdù ni, pé Dóríánì ni wọ́n ń pè é. Máínọ̀ ni èmi ń gbọ́ ní tèmi. Kí ni móòdù gan-an, báwo ni mo sì ṣe lè dá a mọ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Etí yín kò tàn yín jẹ púpọ̀, nítorí pé Dóríánì àti máínọ̀ fara jọ ara wọn gidigidi. Ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, ohùn náà sì lè má wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú orin kan. Móòdù túmọ̀ sí bí àwọn ohùn méje orin ṣe jìnnà sí ara wọn nígbà tí a bá ti yan ọ̀kan nínú wọn ṣe ilé, ìyẹn ohùn tí orin náà ń padà sí láti sinmi.

Sọ́fà tí ẹ ń lò ní kúáyà, ìyẹn dó, ré, mí, fá, só, lá, tí, tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀. (Kì í ṣe dò-re-mí tí olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ wa ní àmì ohùn ni mo ń sọ o, ìyẹn kàn ń sọ èyí tí ó wà nílẹ̀, èyí tí ó wà láàárín àti èyí tí ó wà lókè ni.) Ẹ jókòó sídìí kíbọọ̀dù, kí ẹ wá ibi tí bọ́tìnì dúdú méjì ti dá wà pọ̀, kí ẹ sì fi funfun tí ó wà lápá òsì wọn ṣe dó. Bí ẹ bá ń tẹ funfun nìkan lọ sí apá ọ̀tún, ẹ ó rí i pé dúdú kan wà láàárín funfun kan àti èkejì rẹ̀ níbi gbogbo, àfi ní ibi méjì: láàárín mí àti fá, àti láàárín tí àti dó. Níbi tí dúdú bá wà, odindi ìṣísẹ̀ ni. Níbi tí kò bá sí, ìdajì ìṣísẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi dó ṣe ilé, méjọ̀ ni ẹ ó gbọ́. Bí ẹ bá fi lá ṣe ilé, máínọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ré má ṣe ilé, bí ó bá sì ṣe é, Dóríánì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ só, Mikisolídíánì ni. Bọ́tìnì kan náà ni ẹ ṣì ń tẹ̀. Ibi tí ìdajì ìṣísẹ̀ méjèèjì bọ́ sí láti ilé ni ó ti yí padà, òun náà ni ó sì ń mú kí orin náà dún bí ọmọ ìdílé mìíràn.

Orúkọ Gíríìkì ni wọ́n fún wọn, àmọ́ àwọn móòdù tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi orúkọ wọ̀nyí pè yàtọ̀ sí èyí tí à ń sọ yìí. Orin ìsìn ìjọ Kátólíìkì ní Yúróòpù ni wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀, mẹ́jọ ni wọ́n sì kà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà tí onímọ̀ orin kan tí ń jẹ́ Glarean tẹ ìwé kan jáde ní 1547 tí ó sọ wọ́n di méjìlá. Àwọn tí ilé wọn wà lórí dó àti lórí lá wà lára àwọn tí ó fi kún un. Ẹ rí i pé méjọ̀ àti máínọ̀ tí a wá gbà bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó wà láyé, àbúrò ni wọ́n nínú ìwé yẹn.

Ohun tí ó sọ àwọn àbúrò náà di ọ̀gá ni ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ ilé. Nínú méjọ̀, ìdajì ìṣísẹ̀ péré ni ó wà láàárín tí àti dó, nítorí náà «tí» kì í lè dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá kọrin dé orí rẹ̀ tí ẹ dákẹ́, gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́ ni yóò máa retí dó. Máínọ̀ kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé odindi ìṣísẹ̀ ni láti só dé lá. Àwọn olórin bá gbé só sókè díẹ̀ kí òun náà lè máa fa ènìyàn wọlé, ìyẹn ni sé tí ẹ ń rí nínú ìwé sọ́fà yín ní ìparí orin máínọ̀. Dóríánì àti Mikisolídíánì kì í ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé láti ìsàlẹ̀, láìsí pé ohunkóhun ń fà wọ́n lápá, ìdí nìyí tí orin móòdù fi máa ń dún bí ohun àtijọ́ tàbí bí ẹni tí kò kánjú.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá nínú orin kan ni ilé rẹ̀, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan a wo àmì ṣáápù àti fíláàtì ní iwájú ìlà orin, bí wọn kò bá sì rí ọ̀kankan, wọn á ní dó ni. Àmì wọ̀nyẹn kàn ń sọ irú bọ́tìnì tí ẹ ó tẹ̀. Kò sọ èyí tí ó jẹ́ ilé. Àwọn mìíràn a wo ohùn tí orin fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò fi ohunkóhun hàn. Ohùn ìparí sàn jù, ṣùgbọ́n nínú orin tiwa tí ó ní lílé àti ègbè, ẹ má wo ìparí lílé, nítorí pé ẹni tí ó ń lé orin sábà máa ń fi ohùn rẹ̀ kọ́ sókè kí àwọn elégbè lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìparí ègbè ni kí ẹ wò. Bí ègbè pàápàá bá ń yípo láìdúró, ẹ ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ lójijì láàárín orin, kí ẹ wá máa kùn ohùn kan ṣoṣo tí ó bá gbogbo orin náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbínú sí i. Ohùn tí jìtá báàsì máa ń padà sí nìyẹn pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ bá ti mú ilé, ẹ ka bọ́tìnì, funfun àti dúdú, láti ilé dé ohùn kẹta, láìka ilé fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ìdílé méjọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ìdílé máínọ̀ ni. Nínú ìdílé méjọ̀, ohùn keje ni ẹ ó kọ́kọ́ wò: bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá sí ilé, méjọ̀ ni, bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, Mikisolídíánì ni. Nínú ìdílé máínọ̀, ohùn kẹfà ni ó ń ṣèdájọ́: mẹ́jọ ni ti máínọ̀, mẹ́sàn-án ni ti Dóríánì.

Mo ṣe orin kékeré kan kí a lè fi dán an wò:

ré – fá – só – lá | tí – lá – só – lá | só – fá – mí – dó | ré

Ó parí sórí ré, bí ẹ bá sì ń kùn ré lábẹ́ rẹ̀, kò sí ibi tí ara rẹ̀ kò ti gbà á. Láti ré dé fá, bọ́tìnì mẹ́ta ni, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní máínọ̀ ni ẹ ń gbọ́, ẹ jàre. Ohùn kẹfà ni «tí», tí ó wáyé lẹ́ẹ̀kan péré: láti ré dé ibẹ̀, mẹ́sàn-án ni. Ẹ tún wo bí ó ṣe wọlé, dó sí ré, odindi ìṣísẹ̀, kò sẹ́ni tí ó gbé dó sókè. Dóríánì ni.

Bí ẹni tí ó ti gbà pé máínọ̀ ni bá fẹ́ kọ orin yìí kan náà, yóò fi lá ṣe ilé, ohun tí yóò sì wà lórí ìwé rẹ̀ nìyí:

lá – dó – ré – mí | fé – mí – ré – mí | ré – dó – tí – só | lá

Orin náà kò yí padà létí, ṣùgbọ́n fé ti yọjú, ìyẹn fá tí wọ́n gbé sókè (àwọn ìwé mìíràn a kọ ọ́ ní bá). Bí ẹ bá rí orin «máínọ̀» tí fé wà nínú rẹ̀ níbi gbogbo tí ó yẹ kí fá wà, tí só rẹ̀ kò sì di sé rárá, àfàìmọ̀ ni kí ó má jẹ́ pé Dóríánì ni wọ́n wọ aṣọ máínọ̀ fún. Bí fé bá kàn yọjú lẹ́ẹ̀kan tí ó ń gòkè lọ sí sé, máínọ̀ gidi ṣì ni. Bákan náà ni tá, ìyẹn «tí» tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, nínú orin méjọ̀: ẹ̀ẹ̀kan lójú ọ̀nà kò sọ ọ́ di Mikisolídíánì.

Ní ìjọ kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta níbi tí mo ti ń tẹ dùrù, irú orin yìí dà wá láàmú fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé àwọn sopránò ni kò mọ ohùn wọn, mo sì ti bá wọn wí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Kọ́ọ̀dù máínọ̀ ni mo ń tẹ̀ sórí ohùn kẹrin, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n nínú orin máínọ̀: só, tá, ré. Àwọn ọmọ ń kọ tí, èmi ń tẹ tá, ìdajì ìṣísẹ̀ sì ni ó wà láàárín wọn. Nígbà tí mo yí i sí só, tí, ré, tí mo sì jáwọ́ nínú gbígbé dó sókè ní ìparí, ohùn gbogbo wa bára mu.

Ó ku ibi tí àyẹ̀wò yìí kò ti ní ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa, àti ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí wọ́n ṣe ní àwòkọ́ wọn, kò ní ju ohùn márùn-ún lọ: dó, ré, mí, só, lá. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin bí Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, olùtẹ dùrù àti ọ̀gá orin ní Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Màrínà, Èkó, láti 1914 títí di 1962, gbà nígbà tí wọ́n fẹ́ kí orin ìjọ máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí irú orin bẹ́ẹ̀ bá fi lá ṣe ilé, ohùn kẹta wà, ṣùgbọ́n fá àti fé kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí náà ìbéèrè bóyá máínọ̀ ni tàbí Dóríánì kò ní ìdáhùn. Bí ó bá sì fi ré ṣe ilé, ohùn kẹta gan-an kò sí, kò ṣeé pè ní ìdílé méjọ̀ tàbí ti máínọ̀. Ẹni tí ó tẹ kọ́ọ̀dù sí i ni yóò yàn fún un. Kí ẹ tó bá ọ̀gá yín jiyàn, ẹ kọ orin ìkórè náà sílẹ̀ ní sọ́fà, kí ẹ wá ohùn kẹfà láti ilé nínú orin fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú kọ́ọ̀dù dùrù nìkan ni ó wà, ẹni tí ó ṣètò orin náà ni ó sọ ọ́ di Dóríánì.