Nígbà tí owó tí kì í yẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ òdo

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi ní kí n fi ọ̀nà òkè-àti-ìsàlẹ̀ pín owó ìtọ́jú ẹ̀rọ wa sí méjì: èyí tí a ó san bí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́, àti èyí tó ń tẹ̀lé wákàtí iṣẹ́. Mo mú oṣù tí owó ti pọ̀ jù àti oṣù tí owó ti kéré jù, mo ṣírò rẹ̀, àmọ́ -6,600 ló jáde fún owó tí kì í yẹ̀. Ibo ni mo ti ṣìnà? Ọ̀gá tún fẹ́ mọ iye tí a ó ná lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 900. Àkọsílẹ̀ wa nìyí:

Oṣù kìíní: wákàtí 600, owó 10,100
Oṣù kejì: wákàtí 450, owó 8,500
Oṣù kẹta: wákàtí 700, owó 10,900
Oṣù kẹrin: wákàtí 800, owó 12,000
Oṣù karùn-ún: wákàtí 650, owó 12,900 (páàtì ńlá kan bàjẹ́, a fi 1,800 pààrọ̀ rẹ̀)
Oṣù kẹfà: wákàtí 500, owó 8,400

Ìdáhùn

Yíyọ àti pípín tí ẹ ṣe tọ́. Oṣù méjì tí ẹ mú ni kò tọ́. Wákàtí iṣẹ́ ni a fi ń mú oṣù òkè àti oṣù ìsàlẹ̀, kì í ṣe owó. Ẹ wá oṣù tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ jù lọ àti oṣù tó ti ṣiṣẹ́ kéré jù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wo iye tí ẹ ná lóṣù méjèèjì, kódà bí kì í bá ṣe iye tó ga jù tàbí tó kéré jù nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí -6,600 ṣe jáde. Ẹ mú oṣù karùn-ún (12,900) àti oṣù kẹfà (8,400). Ìyàtọ̀ owó wọn jẹ́ 4,500, ìyàtọ̀ wákàtí wọn jẹ́ 150, wákàtí kan sì di 30. Wákàtí 650 ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n jẹ́ 19,500, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó tí ẹ ná lóṣù náà kò ju 12,900 lọ. Ká ní òótọ́ ni nọ́ńbà yìí ni, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ yín ni ì bá máa san 6,600 fún yín lóṣù tí ẹ̀rọ bá sinmi! Bí owó tí kì í yẹ̀ bá ti bọ́ sábẹ́ òdo báyìí, ẹ má wulẹ̀ tún un ṣírò, oṣù tí ẹ mú ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Orí tiẹ̀ bá yín ṣe é. Ká ní 2,000 ló jáde ni, ẹ ò bá ti kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tí ì bá fura.

Ìdí tí a kì í fi í fi owó mú oṣù ni pé owó gan-an ni ohun tí a ń wá ìdí rẹ̀. Oṣù kan lè gba ipò kìíní nínú ìnáwó nítorí pé nǹkan bàjẹ́ níbẹ̀, tàbí nítorí pé bílì oṣù mìíràn bọ́ sínú rẹ̀. Òmíràn lè wà nísàlẹ̀ pátápátá nítorí pé bílì rẹ̀ kò tíì dé. Kò sí èyí tó kan wákàtí nínú wọn. Ẹni tó bá ń fi owó mú oṣù ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwọn oṣù tó ṣe ségesège jù lọ nínú ìwé, ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣojú fún àwọn yòókù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Oṣù tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ jù ni oṣù kẹrin: wákàtí 800, owó 12,000. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ kéré jù ni oṣù kejì: wákàtí 450, owó 8,500. Ìyàtọ̀ owó jẹ́ 3,500, ìyàtọ̀ wákàtí jẹ́ 350. Ẹ pín 3,500 sí ọ̀nà 350, wákàtí kan di 10. Owó tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ nìyẹn. Láti rí èyí tí kì í yẹ̀, ẹ mú 10 ní ìgbà 800, ó di 8,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 12,000, ó ku 4,000. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kejì náà: 10 ní ìgbà 450 jẹ́ 4,500, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 8,500, 4,000 náà ló kù. Oṣù méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibì kan náà. Bí wọn kò bá bọ́ síbẹ̀, àṣìṣe wà nínú yíyọ tàbí pípín yín.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síbẹ̀ yìí, èmi kì í dúró síbẹ̀. Pé oṣù méjì yẹn bára mu kò jẹ́rìí ohunkóhun, torí inú wọn ni a ti fa nọ́ńbà náà yọ. Oṣù mẹ́rin yòókù ló lè jẹ́rìí. Oṣù kìíní yẹ kó jẹ́ 4,000 pẹ̀lú 6,000, ìyẹn 10,000; ohun tí ẹ kọ ni 10,100. Oṣù kẹta yẹ kó jẹ́ 11,000. Ẹ kọ 10,900. Ìyàtọ̀ ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún kò le, bí ìnáwó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún yẹ kó jẹ́ 10,500, ẹ sì kọ 12,900: ó fi 2,400 lé. Oṣù kẹfà yẹ kó jẹ́ 9,000, ẹ kọ 8,400: ó fi 600 dín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo nọ́ńbà méjì yẹn. Ẹ ní páàtì tí ẹ pààrọ̀ jẹ́ 1,800. Ẹ yọ 1,800 kúrò nínú 2,400 tó lé, ó ku 600. Iye yẹn gan-an ni oṣù kẹfà fi dín, oṣù tó sì tẹ̀ lé oṣù karùn-ún gẹ́lẹ́ ni. Ojú mi kò sí nínú ìwé yín, àmọ́ mo fura pé wọ́n ti kọ bílì 600 kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ oṣù kẹfà sí oṣù karùn-ún, bóyá torí pé wọ́n san án ṣáájú. Ẹ ṣí lẹ́jà oṣù karùn-ún, ẹ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ wáyé lórí bílì kọ̀ọ̀kan, ẹ má wo ọjọ́ tí owó jáde. Bí ẹ bá rí 600 náà, ẹ dá a padà sí oṣù kẹfà. Ní ti 1,800, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí owó ìbàjẹ́ òjijì. Kò sí lára owó tó ń tẹ̀lé wákàtí, kò sì sí lára èyí tí ẹ ń san lóṣooṣù.

Ohun kan ló gbè yín lẹ́yìn níhìn-ín: oṣù ségesège yín bọ́ sí àárín. Ká ní oṣù kẹrin, tó jẹ́ oṣù òkè, ni páàtì yẹn bàjẹ́, owó rẹ̀ ì bá di 13,800. Ìyàtọ̀ ì bá di 5,300, wákàtí kan ì bá di 15.14, owó tí kì í yẹ̀ ì bá sì rọ̀ wá sí nǹkan bíi 1,686. Páàtì kan ṣoṣo ni ì bá da gbogbo rẹ̀ rú bẹ́ẹ̀, torí oṣù méjì péré ni ọ̀nà yìí gbójú lé. Nítorí náà, kí ẹ tó mú oṣù òkè àti oṣù ìsàlẹ̀, ẹ yẹ àwọn méjèèjì wò ná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ohun àjèjì nínú, ẹ yọ ohun náà kúrò. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ fi oṣù náà sílẹ̀, kí ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e ní iye wákàtí. Bákan náà, bí owó iṣẹ́ mẹ́káníìkì bá ti lé láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, ẹ má fi oṣù tó ṣáájú rẹ̀ wé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, kò sì ṣòro. Bí wákàtí bá wà ní B2 dé B7, tí owó wà ní C2 dé C7, ẹ tẹ èyí sínú Excel:

```
=SLOPE(C2:C7,B2:B7)
=INTERCEPT(C2:C7,B2:B7)
```

Èkíní ni owó wákàtí kan, èkejì ni owó tí kì í yẹ̀. Owó ló ń ṣáájú nínú àkámọ́, wákàtí ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yí i padà, yóò fún yín ní nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo fi àkọsílẹ̀ yín sí i láìtún un ṣe: wákàtí kan di 11.68, owó tí kì í yẹ̀ di 3,264. Lẹ́yìn tí mo yọ 1,800 tí mo sì dá 600 padà, ó di 9.88 àti 4,074, tí kò jìnnà rárá sí 10 àti 4,000 tí a fọwọ́ ṣe. Oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kọ̀ǹpútà ń lò, oṣù ségesège náà wà lára wọn, ó sì ń fa èsì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé wákàtí kan tí ẹ bá lò nídìí lẹ́jà sàn ju kí ẹ máa pààrọ̀ ọ̀nà ìṣirò.

Ó wá ku wákàtí 900. Ìṣirò sọ pé 4,000 pẹ̀lú 9,000, ìyẹn 13,000. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ dé 900 rí nínú àkọsílẹ̀ yìí. Láàárín 450 sí 800 ni ohun tí a mọ̀ wà. Ká ní 750 ni ọ̀gá béèrè, ń bá ní kí ẹ kọ 11,500 láìṣiyèméjì. Lókè 800, ẹ̀rọ lè bọ́ sí ìpele tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ fún àyẹ̀wò, tàbí kí àdéhùn tí ẹ fi ń san 4,000 ní òǹkà wákàtí tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun kan náà ló fà á tí ẹ kò fi gbọdọ̀ sọ fún ọ̀gá pé bí ẹ bá ti ẹ̀rọ pa fún oṣù kan, 4,000 péré ni ẹ ó san. A kò rí oṣù tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ rí. 4,000 yẹn wúlò láàárín 450 sí 800 nìkan.

Ẹ kọ 13,000, kí ẹ sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó kọjá ibi tí àkọsílẹ̀ dé. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, kí ẹ bi í bóyá owó rẹ̀ ń yí padà tí wákàtí bá kọjá 800 lóṣù. Bó bá ní òun ń gba owó kan lé e fún iṣẹ́ alẹ́ tàbí àyẹ̀wò àfikún, ẹ kọ iye náà lọ́tọ̀ sábẹ́ 13,000. Ẹ má pò ó mọ́ 10 tí ẹ fi ń ṣírò wákàtí kan.